Owó tó ń jò lára káàdì mi: bí mo ṣe tọpasẹ̀ rẹ̀

Láti ọdún méjì ó lé díẹ̀ ni mo ti fi fóònù àtijọ́ mi ránṣẹ́ sí àbúrò mi n'Íbàdàn. Òun gan-an ti tà á. Àmọ́ nínú oṣù kẹta ọdún yìí, níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, mo ṣì ń san owó ìbánigbófò lórí rẹ̀: pọ́ùn 6.99 lóṣooṣù. Nígbà tí mo kà á, ìgbà 26 ni wọ́n ti gbà á, ó jẹ́ pọ́ùn 181.74.

Kì í ṣe pé n kì í yẹ àpò mi wò o. Gbogbo ìgbà ni mò ń ṣí áàpù báńkì, tí mò ń wo abẹ́ `Direct Debits` àti `Standing Orders`, níbi tí wọ́n ń to owó tó ń jáde fúnra rẹ̀ sí, tí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sì ń yé mi. Àṣìṣe mi nìyẹn. Ohun tí ilé iṣẹ́ bá ń fi nọ́ńbà káàdì gbà kì í sí nínú àkójọ yẹn nínú áàpù tèmi. Àárín owó ọjà àti owó ọkọ̀ ló ń fara pamọ́ sí. Mo tún rò pé káàdì tuntun tí mo gbà nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ sọnù ti já gbogbo okùn bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni nọ́ńbà tuntun máa ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbowó láìjẹ́ pé ẹ fún wọn fúnra yín.

Mo wá pinnu láti ka sitéétìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀. Oṣù 13 ni mo gbà sílẹ̀, torí owó tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò ní hàn nínú ti oṣù mẹ́ta. Mi ò gba PDF, CSV ni mo gbà, kí n lè ṣí i bíi tábìlì lórí kọ̀ǹpútà, kí n sì tò ó ní ẹsẹẹsẹ orúkọ dípò ọjọ́. Bí mo ṣe tò ó báyìí, orúkọ kan náà to ara wọn lé lórí, ti ìbánigbófò sì dúró gẹdẹgbẹ níwájú mi, 6.99 lábẹ́ 6.99.

Èyí tó le ni èyí tí iye rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Oṣù kan 7.93, èkejì 7.86, ẹ̀kẹta 8.02. Ojú mi ti fò ó kọjá. Pẹ́nsì 24 tó ń tẹ̀ lé e nígbà gbogbo ló tú u fó: owó tí báńkì mi ń gbà bí wọ́n bá fi owó ilẹ̀ òkèèrè ná káàdì, 2.99 nínú 100. Dọ́là 9.99 ni wọ́n ń gbà lóṣooṣù, ìyípadà iye dọ́là ló sì ń gbé e sókè sódò. Ìkànnì kan tí mo fi tún ìwé ìwáṣẹ́ mi ṣe ni; "ọ̀fẹ́ ọjọ́ méje" ni mo tẹ̀ nígbà náà.

Àwọn orúkọ tó wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fi kẹ́yìn. Iye owó wọn ni mo tẹ̀ sínú àpótí ímeèlì mi láti wá wọn. `47.99` gbé rìsíìtì kan jáde: ètò ààbò kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ti bàjẹ́.

Orúkọ kan wà tí n kò mọ̀ rí, pọ́ùn 32 lóṣù. Mo ti gbé fóònù láti pe báńkì pé olè ti wọlé.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ẹnikẹ́ni," ni ìyàwó mi wí láti ilé ìdáná. "Owó ẹ̀kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ ni. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ni ibẹ̀ ni wọ́n fi ń gbà á."

Mo gbé fóònù náà kalẹ̀.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ mi pé mo ti jáwọ́, torí àdéhùn lè ṣì wà nílẹ̀ bí èèyàn bá kàn dí ọ̀nà owó. Àwọn oníbánigbófò dá a dúró, ṣùgbọ́n wọn ò dá kọ́bọ̀ padà: wọ́n ní fóònù náà wà lábẹ́ ààbò ní gbogbo àkókò yẹn. Àwọn tó ni ètò ààbò kọ̀ǹpútà gbà pé àwọn ò ní tún gbowó rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn oníwèé ìwáṣẹ́ ò fèsì rárá, ni mo bá pe báńkì. Ẹni tó gbé e ní kí n kọ́kọ́ lọ bá wọn yanjú rẹ̀. Mo ní rárá: bí mo bá ti sọ fún báńkì pé mo ti gba àṣẹ mi padà, dandan ni kí báńkì dá a dúró, bí wọ́n bá sì tún gbà á lẹ́yìn ìyẹn, báńkì ló máa dá a padà fún mi. Ó ní kí n dúró díẹ̀, ó lọ bi ọ̀gá rẹ̀, ó padà wá ṣe é.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, mo tún gba CSV sílẹ̀. 6.99 kò sí níbẹ̀ mọ́. Ti dọ́là wá lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, báńkì sì dá a padà lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú pẹ́nsì 24 rẹ̀.