Ẹ̀rọ ATM ò pọ ₦20,000, báǹkì sì yọ ọ́: wákàtí 48 tó di ọjọ́ 13

Ohun tó dùn mí jù ni pé owó yìí ò sọnù rárá. Inú ẹ̀rọ ló wà láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ẹni tó bá sì ṣí ẹ̀rọ náà kà á yóò rí i pé owó lé. Síbẹ̀, ọjọ́ mẹ́tàlá ni mo fi lé e kó tó padà sínú àkáǹtì mi.

Ìtòsí oríta Ọláìyá, níbí l'Óṣogbo, ni ẹ̀rọ ATM náà wà. Ti báǹkì mìíràn ni, kì í ṣe ti báǹkì tó fún mi ní káàdì. ₦40,000 ni mo fẹ́ gbà, ẹ̀rọ náà kì í sì í pọ̀ ju ₦20,000 lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tẹ̀ ẹ́. Ti àkọ́kọ́ jáde ní aago 5:52. Nígbà tó di 5:55 tí mo tẹ ìkejì, mo ń gbọ́ bó ṣe ń ka owó, ló bá dákẹ́, ó kọ ọ́ sójú pé `Unable to dispense cash`, ó sì ti káàdì mi jáde. Kò fún mi ní risíìtì. Áláàtì ló kọ́kọ́ dé: ₦20,000 ti kúrò, ₦100 owó iṣẹ́ sì tẹ̀ lé e. Láti oṣù Kẹta ọdún 2025 ni ₦100 yẹn ti wà lórí ₦20,000 kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá gbà lára ẹ̀rọ tó wà nínú ọgbà báǹkì tí kì í ṣe tirẹ̀.

Mo dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ta níwájú ẹ̀rọ náà, nítorí nígbà míì owó máa ń pẹ́ jáde, ẹni tó bá tẹ̀ lé yín ló sì máa bá a lẹ́nu rẹ̀. Mi ò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Bí owó bá ti há níbi tó ń gbà jáde, títẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i lè yọ ₦20,000 míì ni. Nọ́ńbà ẹ̀rọ náà wà lórí risíìtì ti àkọ́kọ́, mo fi fóònù ya á.

Ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú. Kí ẹ̀rọ tó pọ owó, ó máa ń ránṣẹ́ gba ilé-iṣẹ́ tó so àwọn báǹkì pọ̀ lọ sí báǹkì tiyín pé ṣé owó wà. Báǹkì yín á yọ owó náà lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa dáhùn pé kí ẹ̀rọ pọ̀ ọ́. Ìyọkúrò ló ń ṣáájú, pípọ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Bí pípọ̀ bá kùnà, ẹ̀rọ yẹ kó tún ránṣẹ́ pé kí wọ́n dá owó padà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lásìkò yẹn, iṣẹ́ kejì ò ní dé, báǹkì yín á sì gbà pé ẹ ti gba owó yín lọ.

Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ báǹkì tiyín ni, ọ̀rọ̀ ò le, àwọn fúnra wọn ló ni àkáǹtì, àwọn ló ni ẹ̀rọ. Òfin Báǹkì Àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 2020 sọ pé lójú ẹsẹ̀ ni kí owó padà, bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, kó má ju wákàtí 24 lọ. Ti ẹ̀rọ báǹkì mìíràn, bíi tèmi, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 48 lọ.

Báǹkì tó ni káàdì yín lẹ máa fẹjọ́ sùn, ẹ má lọ bá báǹkì tó ni ẹ̀rọ. Wọn ò mọ̀ yín níbẹ̀, ẹ máa kàn fi owó ọkọ̀ ṣòfò ni. Mo pe báǹkì mi ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ọjọ́ Ajé mo dé ẹ̀ka wọn, mo kọ fọ́ọ̀mù. Ó di Ọjọ́rú, wọ́n kọ̀wé sí mi pé wọn ò gba ẹ̀sùn mi: báǹkì tó ni ẹ̀rọ ní òun ti pọ owó náà.

Inú bí mi gan-an. Mo padà lọ ní Ọjọ́bọ̀, ọmọbìnrin tó wà ní ìdí tábìlì náà sì fẹ̀sọ̀ sọ fún mi pé, "Bàbá, ẹ̀rí tí wọ́n fi ránṣẹ́ fi hàn pé ẹ ti gba owó yín o, ẹ wò ó." Mo ní, "Ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka aago tó wà lára rẹ̀." 5:52 ni. Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n fi dáhùn ẹ̀sùn ti ìkejì!

Ẹ rí i bó ṣe ṣẹlẹ̀: káàdì kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ọjọ́ kan náà, iye kan náà, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló wà láàárín méjèèjì. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kí n kọ ò béèrè ju ọjọ́ àti iye owó lọ. Ẹni tó jókòó sí báǹkì kejì wo àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ, ó rí ₦20,000 kan tó jáde fún káàdì mi, ó sì pa ẹjọ́ náà dé. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìyẹn gbà mọ́ mi lọ́wọ́, torí pé ẹ̀sùn tí wọ́n bá ti kọ̀, ṣe ni wọ́n máa ń tún un fi sílẹ̀ bíi tuntun.

Ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní RRN. Díjíìtì 12 ni, owó kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá sì gbà ló ní tirẹ̀. Mi ò ní risíìtì ìkejì, ṣùgbọ́n báǹkì mi rí RRN rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà wọn ní kété tí mo béèrè. Ká ní mo béèrè ní Sátidé ni! Ẹ̀sùn tuntun tí mo kọ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn kò gùn:

```
Terminal ID: (nọ́ńbà ẹ̀rọ)
5:52 - 20,000 - RRN 1: mo gbà á
5:55 - 20,000 - RRN 2: kò jáde
```

Mo fi ohun méjì kún un. Mo ní kí wọ́n mú àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ ti aago 5:55 gan-an wá, kí wọ́n sì sọ iye tó lé nígbà tí wọ́n ka owó ẹ̀rọ náà. Owó tó há kì í fò lọ, inú àpótí tí ẹ̀rọ ń da owó tó kọ̀ sí ló máa ń wà títí wọ́n á fi kà á. Mo tún kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì láìsí àtúnṣe, màá kọ̀wé sí Báǹkì Àpapọ̀ ní `cpd@cbn.gov.ng`. Wọn kì í gba ẹjọ́ ẹni tí kò bá kọ́kọ́ fún báǹkì rẹ̀ ní àyè, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà ẹ̀sùn Sátidé fi ṣe pàtàkì: òun ló ń sọ ọjọ́ tí kíkà bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, áláàtì dé: ₦20,000. Mo wá wo àkọsílẹ̀ àkáǹtì mi fínnífínní, ₦100 ò sí níbẹ̀. Owó iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ṣe ni, mi ò sì fi sílẹ̀ fún wọn. Ìlà ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi yọ ọ́, kò sì tẹ̀ lé owó padà fúnra rẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀. Mo tún pè wọ́n, mo ka RRN kejì fún wọn, ọjọ́ Ajé ni ₦100 náà wọlé.