Onígbáméjì nínú ilé èrò púpọ̀: ìdí tí omi iyọ̀ àti ṣúgà fi ń gba ẹ̀mí là

Tí ẹnì kan nínú ilé bá ń yàgbẹ́ gbuuru, tí ìgbẹ́ yẹn ò wá jọ ìgbẹ́ mọ́, tó funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì, tí nǹkan wínníwínní bíi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń léfòó nínú ẹ̀, tó sì ń rùn bí ẹja, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ẹ máa rí ẹ̀jẹ̀ tàbí ibà o. Ó lè jẹ́ onígbáméjì, ìyẹn kọ́lẹ́rà. Onígbáméjì kì í sábà mú ibà wá, inú sì lè má run aláìsàn rárá. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ nìyẹn, wọ́n á ní kò tíì le.

Kòkòrò kọ́lẹ́rà ò dá egbò sínú ìfun, májèlé ló ń tú síbẹ̀. Májèlé yẹn ní ẹ̀yà márùn-ún tó fi ń lẹ̀ mọ́ ara ìfun, ó wá ní ìkẹfà tó máa wọnú sẹ́ẹ̀lì lọ. Èyí tó wọlé yìí ló ń ṣiṣẹ́ ibi, ó máa tan ohun tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó tú iyọ̀ jáde, bíi ṣúìṣì tí wọ́n tàn tó wá há síbẹ̀ tí ò ṣeé pa mọ́. Iyọ̀ á máa tú sínú ìfun, omi ara á sì máa tẹ̀lé e, torí ibi tí iyọ̀ bá lọ lomi ń lọ. Ẹni tó bá mú gan-an lè yàgbẹ́ tó lítà kan láàárín wákàtí kan, ara á gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ò ní rọ́nà ṣàn dáadáa mọ́, ó sì lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àmọ́ ọ̀nà kan wà tí májèlé yìí ò lè bà jẹ́. Ìfun ní ibi tó ti ń gba ṣúgà àti iyọ̀ wọlé pa pọ̀, tí méjèèjì bá sì ti wọlé, omi á bá wọn wọlé. Torí náà omi lásán ò tó, iyọ̀ nìkan ò tó, wọ́n gbọ́dọ̀ jọ wà níbẹ̀ ni.

Lọ́dún 1971, nígbà ogun Báńgíládẹ́ẹ̀ṣì, àwọn tó ń sá ogun kún àgọ́ Bongaon ní Íńdíà, kọ́lẹ́rà sì ń pa wọ́n, dírípù ò tó nǹkan. Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n po iyọ̀, gúlúkóòsì àti sódà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì mọ́ omi, wọ́n rọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù, àwọn mọ̀lẹ́bí aláìsàn fúnra wọn ń bù ú fún wọn mu. Nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, nǹkan bí 30 ló ń kú tẹ́lẹ̀, ó wálẹ̀ sí bíi 4. Mọ̀lẹ́bí tó jókòó ti aláìsàn ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn.

Báwo lẹ máa ṣe é nílé? Ó-ár-ẹ́ẹ̀sì, ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, ló dáa jù, iye omi tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ni kẹ́ẹ lò. Tí ò bá sí, ẹ bu lítà kan omi tẹ́ẹ ti sè tó hó fún ìṣẹ́jú kan tó sì ti tutù (píọ̀ wọ́tà méjì tó jẹ́ 50cl ni lítà kan), ẹ fi ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà àti iyọ̀ ìlàjì ṣíbí tíì sí i, ẹ gé orí ṣíbí pẹrẹsẹ. Ẹ tọ́ ọ wò, kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omi ojú lọ, torí iyọ̀ tó pọ̀ jù lè ṣe ọmọ ní ìjàǹbá. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjì, ìdajì ife tíì lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ ńlá ife kan, àgbà á mu tó bó ṣe lè mu. Tó bá bì í, ẹ ní sùúrù ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ẹ tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọmú ìyá ò gbọdọ̀ dúró. Tójú bá ti jìn wọ inú, tí ò tọ̀ mọ́, tẹ́ẹ fà á lára tí awọ ò tètè padà, dírípù ló kù o, ẹ gbé e lọ ọsibítù, kó máa mu ún lọ lójú ọ̀nà.

Ilé tí ìdílé mẹ́wàá ti ń lo ṣáláńgá kan lẹ̀rù ti ń bà mí jù, torí ọ̀pọ̀ tó ní kòkòrò yìí lára ò ní mọ̀, ara wọn á le, wọ́n á sì máa ya á jáde fún ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà gbogbo ilé ló gbọ́dọ̀ máa se omi mímu, kì í ṣe yàrá aláìsàn nìkan. Ẹ fún aláìsàn ní bọ́kẹ́ẹ̀tì tiẹ̀. Bílíìṣì tí wọ́n kọ 3.5% sí lára, ife mẹ́rin ẹ̀ sí omi ife mẹ́ta lẹ máa dà sórí ìgbẹ́ àti èébì, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ẹ tó dà á sí ṣáláńgá. Ti ilẹ̀ àti bẹ́ẹ̀dì, ife kan sí omi ife mẹ́rìndínlógún. Ẹ má pò ó mọ́ áísàlì tàbí ásíìdì, èéfín ẹ̀ burú. Ẹni tó ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ò sì gbọdọ̀ dáná fún ilé lọ́jọ́ náà, àní tó bá fọwọ́.