Ẹ má fi “ẹ bá mi dín in kù” bẹ̀rẹ̀: àṣìṣe àwa tó ń san owó epo pupa sílẹ̀

Gbólóhùn tó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni “Màmá, ẹ bá mi dín in kù, oníbàárà yín ni mí.” Ta ni kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn màmá tó ń ta epo? Ohun tí ẹni tó ń fún epo lọ́nà Ìjàn ń wá ni owó tí yóò fi ra ẹyìn kí ẹlòmíràn tó kó o lọ. Owó yẹn wà lọ́wọ́ yín, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ dárúkọ:

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá ni mo máa ń gbé lóṣooṣù, ₦40,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá san owó ọgbọ̀n sílẹ̀ lónìí, tí ẹ ń fún mi ní mẹ́wàá lóṣooṣù, ṣé ẹ ó gba ₦36,000?”

Ẹ wá dákẹ́. Èmi ò lè dákẹ́. Màmá ò tíì ṣírò tán tí mo ti ní “tàbí 38 náà,” 38 náà ni wọ́n sì dì mú.

Ó dùn létí: ẹgbẹ̀rún méjì lórí kẹ́ẹ̀gì ọgbọ̀n, ₦60,000 rèé. Àmọ́ ọwọ́ olówó èlé ni mo ti yá owó náà, náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù. Mẹ́wàá àkọ́kọ́ kò mú ìṣòro wá, ọjọ́ tí mo gbé e náà ni mo máa ń san owó rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ₦380,000 ti oṣù kejì lo oṣù kan lọ́wọ́ màmá, èlé rẹ̀ jẹ́ ₦19,000. Ti oṣù kẹta lo oṣù méjì, ₦38,000. Ó di ₦57,000. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta péré ló kù fún mi!

Bí wọn ò bá sọ̀kalẹ̀ ju 38 lọ, ẹ yí ọ̀rọ̀ padà: “Màmá, ẹ jẹ́ kí n san owó mẹ́wàá ti òní, kí n fi ₦100,000 sílẹ̀ lórí ogún tó kù, kí ẹ yọ ọ́ nínú owó ìgbà ìkẹyìn. Ẹ tà á ní 39.” Ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n yọ, ₦30,000 lápapọ̀, èlé oṣù méjì lórí ₦100,000 ò sì ju ₦10,000 lọ. Ẹ̀dínwó kékeré yìí ló ṣẹ́ ogún ẹgbẹ̀rún kù sí yín lọ́wọ́.

Ẹni tó bá san owó sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, torí láti nǹkan bí oṣù kejì sí ìkarùn-ún ni epo máa ń pọ̀, tí iye rẹ̀ sì máa ń wálẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé bí ọjà bá wálẹ̀ ju iye tiwa lọ, iye ọjà la ó lò. Màmá lè ní àwọn náà fẹ́ kí a kọ ti pé ó gbówó lórí. Ẹ̀tọ́ wọn ni.

Kẹ́ẹ̀gì náà ńkọ́? Ní oṣù kejì àdéhùn wa, epo ò dé ọrùn nínú mẹ́rin lára tèmi. Owó ti wà lọ́wọ́ wọn, kí ni mo fẹ́ dì mú? Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé òṣùwọ̀n lọ: lítà 25 epo pupa máa ń tó kílò 22 àtààbọ̀, láìka kẹ́ẹ̀gì, ojú màmá ni mo sì ti ń wọ̀n ọ́n.