Ìṣirò ni kí ẹ fi di ètò ìtajà yín mú

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá tí ẹ ń kọ ètò ìtajà fún olóúnjẹ kékeré, àárín àfojúsùn àti ìnáwó ni iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń tú, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ ọ́ pé àwọn fẹ́ kí ọjà tà sí i, láì sọ iye tàbí àkókò.

Ká ní ìyá kan ń ta ìrẹsì ọ̀fadà nínú ewé ní Pánṣẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta, tí ìdì kan jẹ́ ₦1,500, tí ìrẹsì, ọbẹ̀, ẹran, ewé àti gáàsì sì ná an ní ₦1,100. ₦400 ló kù lórí ìdì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá dábàá ìpolówó ₦40,000, ìdì 100 gbọ́dọ̀ tà lé ti tẹ́lẹ̀ kí owó yẹn tó padà wọlé. Àfojúsùn yín lè wá jẹ́ ìdì 6 sí i lójúmọ́, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 4: ìdì 144, èyí tí yóò mú ₦57,600 wá, tí ₦17,600 yóò sì ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ẹ bá yọ owó ìpolówó.

Kí ẹ tó kọ ìyẹn sílẹ̀, ẹ ka iye tó ń tà lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, kí ẹ sì wo aago tí ìkòkò ń gbẹ. Bí oúnjẹ bá ti ń tán kí ọ̀sán tó pọ́n, ìpolówó kọ́ ni ìṣòro rẹ̀; ìkòkò ńlá tàbí olùrànlọ́wọ́ ló yẹ kí owó náà bá lọ, kí apá tó dá lórí ìpolówó nínú ètò yín sì kúrú. Àwọn olùyẹ̀wò, lójú tèmi, kì í fojú fo irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀.