Bí a ṣe ń sọ ojú fóònù di dúdú láìba fọ́tò àti fídíò jẹ́

Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́, tí ọkàn gbogbo Ìjẹ̀bú ti wà lára Ojúde Ọba, fọ́tò aṣọ ẹgbẹ́ kì í dáwọ́ dúró lórí WhatsApp. Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Funfun ojú fóònù máa ń dà á lójú rú, lẹ́tà á sì sọnù sínú ìmọ́lẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wá tan Color inversion fún un. Ibi tó funfun di dúdú, lẹ́tà di funfun, ìyá sì ń ka ohun tí wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n aṣọ àwọ̀ wáìnì tí ẹgbẹ́ mú ti di píńkì lójú rẹ̀, ojú àwọn èèyàn inú fọ́tò sì dà bí ti inú fíìmù tí a ti fọ̀ ṣùgbọ́n tí a kò tíì tẹ̀ sórí pépà. Bí ó bá fi ìyẹn ra gèlè, kò ní bá ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mu.

Ohun tó fà á ni pé gbogbo ojú fóònù pátá ni Color inversion ti Android máa ń yí. Kò mọ lẹ́tà yàtọ̀ sí ojú ọmọ èèyàn. Nítorí náà, òun kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ tàn.

Ẹ pa á ná. Ẹ wọ Settings, kí ẹ lọ sí Display, kí ẹ tan Dark theme. Àwọn fóònù kan ń pè é ní Dark mode. Èyí máa ń sọ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ di dúdú, kì í fọwọ́ kan fọ́tò tàbí fídíò. WhatsApp ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: nínú Settings rẹ̀, ẹ tẹ Chats, lẹ́yìn náà Theme, kí ẹ mú Dark. Ibẹ̀ náà ni Font size wà. Ẹ mú Large.

Lẹ́yìn èyí, ẹ padà sí Settings fóònù, kí ẹ wọ Accessibility, kí ẹ wá High contrast text, tí Android 16 ń pè ní Outline text. Lórí Samsung, High contrast fonts ló ń jẹ́. Yóò fa ìlà yí lẹ́tà ká kí ó lè yọ dáadáa. Bí fídíò bá ṣì ń tàn jù, Extra dim máa ń dín ìmọ́lẹ̀ kù ju ibi tí ìmọ́lẹ̀ fóònù máa ń mọ lọ, láìyí àwọ̀ padà.

Ojú ewé kan yóò ṣì wà tí kò ní gbọ́ ti Dark theme: ìwé PDF, tàbí lẹ́tà ìpàdé tí ẹnì kan ya fọ́tò rẹ̀. Ibí gan-an ni Color inversion ti wúlò, torí ọ̀rọ̀ ni à ń wá, kì í ṣe àwọ̀. Ẹ má fi sílẹ̀ ní títàn. Lójú ewé Color inversion nínú Accessibility, ẹ tan shortcut rẹ̀, kí ẹ mú bọ́tìnì ohùn méjèèjì. Bí ìyá bá fẹ́ ka lẹ́tà, kí ó di bọ́tìnì ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ mú pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Tó bá kà á tán, kí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó ṣí fọ́tò aṣọ. Bí WhatsApp tó ti dúdú tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé funfun gbòò, àmì ni pé Color inversion ṣì wà ní títàn: méjèèjì ti yí ara wọn padà.

iPhone ní ọ̀nà tó sàn jù. Nínú Accessibility, lábẹ́ Display & Text Size, Smart Invert máa ń yí ọ̀rọ̀, ó sì máa ń fi fọ́tò àti fídíò sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Bí ẹni tó kọ áàpù kan kò bá sàmì sí fọ́tò rẹ̀, yóò yí i pẹ̀lú. Ẹ wá lọ sí Per-App Settings nínú Accessibility, kí ẹ pa Smart Invert fún áàpù yẹn nìkan. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí a yà ní fọ́tò kò ní di dúdú lábẹ́ Smart Invert, torí fọ́tò ni fóònù kà á sí. Classic Invert lẹ máa lò fún un, òun ló ń yí gbogbo rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ojú ló fẹ́ dúdú o. Àwọn mìíràn wà tí lẹ́tà funfun lórí dúdú máa ń ràn káàkiri lójú wọn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan náà hàn ẹni tó ni fóònù lọ́nà méjèèjì, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó kà á sókè fún yín. Èyí tí kò fi kọsẹ̀ níbẹ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún un.