Bí mo ṣe túmọ̀ ìwé owó-orí fún ẹ̀gbọ́n káfíńtà ní Kétu, orílẹ̀-èdè Benin

Yorùbá ni ẹ̀gbọ́n mi lè kà, ṣùgbọ́n Faransé ni ìwé owó-orí tí wọ́n gbà. Àpapọ̀ owó ìsàlẹ̀ ìwé ló já wọn láyà.

Ibi tó ṣòro jù ni AIB. Wọ́n rò pé ìtanràn ni. Mo ní: "Ẹ̀gbọ́n, owó-orí tí ẹ ti san ṣáájú ni. Oníbàárà yín yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́, ó sì san án fún ìjọba lórúkọ yín." Iṣẹ́ 2.000.000 fráǹkì ni. Oníbàárà yọ 3%, ìyẹn 60.000. Ìwé náà kò ka 60.000 yẹn fún wọn rárá, ó tún bu owó ìtanràn ìdádúró lé e, bí ẹni pé wọ́n pẹ́ san án. A wá ìwé ẹ̀rí tí oníbàárà fún wọn, a fi í mọ́ lẹ́tà àròyé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ owó-orí yọ 60.000 kúrò, owó ìtanràn ìdádúró náà dínkù.

Gbèdéke ọjọ́ tí a lè fi kọ àròyé ni mo tẹnu mọ́ jù: ọjọ́ tí ìwé dé ọwọ́ wọn la fi bẹ̀rẹ̀ kíkà, kì í ṣe ọjọ́ tí mo túmọ̀ rẹ̀. Mo kọ ọjọ́ náà sára àpòòwé.