RMSE mú ọ̀kan, MAE mú òmíràn: èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. `AirPassengers` tó wà nínú R, ìyẹn iye èrò ọkọ̀ òfuurufú lóṣooṣù, ni mo fi ń kọ́ àsọtẹ́lẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni mo kọ́kọ́ dán wò: oṣù tó ń bọ̀ á rí bí oṣù tó kọjá ṣe rí. Mo dúró ní ìparí ọdún 1959, mo sì ń sún síwájú ní oṣù kọ̀ọ̀kan títí 1960 fi parí. MAE jẹ́ 45.25, RMSE náà jẹ́ 45.25. Ṣé ó lè rí bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Kò lè rí bẹ́ẹ̀, àfi tí gbogbo àṣìṣe yín bá tóbi bákan náà. Tiyín kò sì tóbi bákan náà: 11 lẹ fi ṣì í ní oṣù karùn-ún, 98 lẹ fi ṣì í ní oṣù kẹsàn-án. MAE ni ìpíndọ́gba ìwọ̀n àwọn àṣìṣe, a kì í ka àmì ìyọkúrò iwájú wọn sí. Ní ti RMSE, ẹ ó fi àṣìṣe kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ó wá ìpíndọ́gba, lẹ́yìn náà ni ẹ ó tó yọ gbòǹgbò. Kì í kéré ju MAE láé, bí àwọn àṣìṣe bá sì ti yàtọ̀ síra, ó gbọ́dọ̀ ga jù ú. Ó dá mi lójú pé inú lúùpù lẹ ti yọ gbòǹgbò.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kejìlá 1959, èrò ọkọ̀ òfuurufú jẹ́ 405, ìyẹn ni pé 405,000 èèyàn. Ẹ ní oṣù kìíní 1960 á jẹ́ 405, ó wá jẹ́ 417: àṣìṣe 12. Ẹ sún síwájú, ẹ ti mọ 417 báyìí, ẹ ní oṣù kejì á jẹ́ 417, ó wá jẹ́ 391: àṣìṣe 26, lódì. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń sún lọ nígbà 12, ibi ìdúró kọ̀ọ̀kan sì ń fún yín ní àṣìṣe ẹyọ kan péré. Tí ẹ bá sọ 12 di 144, tí ẹ sì yọ gbòǹgbò 144 kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, 12 náà lẹ tún padà bá. Tí ẹ bá wá wá ìpíndọ́gba àwọn 12 wọ̀nyẹn, MAE lẹ tún ṣe, orúkọ ló yàtọ̀.

Ẹ kó gbogbo àṣìṣe jọ sójú kan, kí ẹ yọ gbòǹgbò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìparí:

```r
y <- as.numeric(AirPassengers)
t <- 133:144              # 1960
e1 <- y[t] - y[t - 1]
mean(abs(e1))             # 45.25
sqrt(mean(e1^2))          # 53.15
```

Ẹ má yọ `as.numeric` kúrò níbẹ̀. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí `ts`, tí ẹ sì gé 1959 àti 1960 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ lè yọ ọ̀kan nínú èkejì, déètì ni R máa fi tò wọ́n, kò sì ní rí oṣù kankan tí àwọn méjèèjì jọ ní.

Ìbéèrè: Mo ti tún un ṣe, ẹ ṣeun. Mo wá fi ọ̀nà kejì kún un: oṣù kìíní á rí bí oṣù kìíní èṣí ṣe rí, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. MAE ní ọ̀nà àkọ́kọ́ ló dára jù, 45.25 sí 47.83. RMSE ní ọ̀nà kejì ni, 50.71 sí 53.15. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì mú ọ̀kankan. Ẹ tẹ àwọn àṣìṣe náà jáde kí ẹ fi ojú ara yín wò wọ́n:

```
e1:  12 -26  28  42  11  63  87 -16 -98 -47 -71  42
e2:  57  49  13  65  52  63  74  47  45  54  28  27
```

Ní ìlà àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ oṣù ló kéré, àmọ́ àwọn kan tóbi gan-an. Ní ìlà kejì, àwọn tó kéré kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò sì sí èyí tó ga ju 74 lọ. Lójú MAE, àṣìṣe 98 kan kò yàtọ̀ sí àṣìṣe 49 méjì. Lójú RMSE, 98 kan wúwo bí àṣìṣe 49 mẹ́rin. Ohun tó fà á tí wọn ò fi fohùn ṣọ̀kan nìyẹn, kò sì sí èyí tó parọ́ nínú wọn.

Ẹ tún wo oṣù kẹsàn-án nínú ìlà àkọ́kọ́. Oṣù yìí nìkan ló ni nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí MAE kà, àmọ́ ó di ìdá 28 nínú ohun tí RMSE kà. Tí ẹ bá yọ oṣù kẹsàn-án kúrò nínú ọ̀nà méjèèjì, RMSE ọ̀nà àkọ́kọ́ á wá sí 47.0, ti ọ̀nà kejì á jẹ́ 51.2, ọ̀nà àkọ́kọ́ á sì borí níbi gbogbo. Oṣù kan ṣoṣo ló gbé ìdájọ́ RMSE dúró! Ẹnìkan lè ní kí ẹ yọ ọ́ torí pé ó ṣàjèjì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án, èrò dín ní 101 lọ́dún 1958, ó dín ní 96 lọ́dún 1959, ó dín ní 98 lọ́dún 1960. Ọdọọdún ló ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kò lè rí i.

Ohun tó yẹ kó pinnu fún yín ni ohun tí àṣìṣe ń náni. Tí àṣìṣe tó tóbi ní ìlọ́po méjì bá ń náni ní ìlọ́po méjì gẹ́lẹ́, MAE ni ẹ lò. Tí àṣìṣe kékeré bá ṣeé gbà mọ́ra, bóyá nítorí pé àyè díẹ̀ máa ń ṣófo nínú bàálù, àmọ́ tí èyí tó tóbi bá lè gba pé kí wọ́n lọ háyà bàálù míì, RMSE ló sún mọ́ òtítọ́.

Ẹ tún ṣọ́ra fún nǹkan kan nípa MAE. Iye àárín ló máa ń fà wá sí, RMSE sì máa ń fà wá sí ìpíndọ́gba. Ká ní ọjà kan tà báyìí ní ọjọ́ mẹ́wàá: òdo ní ọjọ́ méje, lẹ́yìn náà 4, 6, àti 10. Ẹni tó sọ pé òdo ni yóò máa tà lójoojúmọ́ ní MAE 2.0, ẹni tó sọ pé 2, tó jẹ́ ìpíndọ́gba gan-an, ní 2.8. MAE á ní kí ẹ má kó ọjà náà wá rárá. RMSE ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ 3.90, ti ẹnì kejì jẹ́ 3.35. Níbi tí òdo bá ti pọ̀, tàbí tí ẹ máa ro àwọn àsọtẹ́lẹ̀ pọ̀ láti rí àpapọ̀ ọdún, MAE nìkan lè ṣì yín lọ́nà.

Ìbéèrè: Ó yé mi. Àmọ́ ìparí ọdún ni mo máa ní láti fún ọ̀gá mi ní oṣù 12 tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé nọ́ńbà wọ̀nyí ṣì dúró?

Ìdáhùn: Ti ọ̀nà kejì dúró, torí ohun tó ń lò ti wà lọ́wọ́ yín láti ìparí ọdún. Ti ọ̀nà àkọ́kọ́ kò dúró rárá. Ohun tí ẹ dán wò ni àsọtẹ́lẹ̀ oṣù kan péré síwájú; lóṣooṣù lẹ ń fún un ní ìròyìn tuntun tí ẹ kò ní ní lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀gá yín bá béèrè. Tí ẹ bá dúró ní oṣù kejìlá 1959 láìsún, 405 ló máa sọ fún gbogbo 1960. Oṣù keje jẹ́ 622, ẹ ti fi 217 ṣì í nìyẹn. MAE rẹ̀ á lọ sí 76.00, RMSE á lọ sí 102.98, àríyànjiyàn àwọn méjèèjì á sì parí síbẹ̀: ọ̀nà kejì ló borí lójú MAE àti RMSE. Ẹ jẹ́ kí jíjìnnà àsọtẹ́lẹ̀ tí ẹ ń dán wò bá ti iṣẹ́ yín mu kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òṣùwọ̀n méjì jà.

Ìbéèrè: Mo rí i pé gbogbo àṣìṣe ọ̀nà kejì ló wà lápá kan, kò sí àmì ìyọkúrò níbẹ̀. Mo fi 47.83 kún àsọtẹ́lẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, RMSE já sí 16.83. Ṣé ó ti parí?

Ìdáhùn: Inú mi dùn pé ẹ rí i. Nígbà tí ìpíndọ́gba àṣìṣe lásán bá dọ́gba pẹ̀lú MAE, bó ṣe rí níbí, ọ̀nà náà kò ṣe ju pé ó ń rẹlẹ̀ nígbà gbogbo, torí èrò ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Àmọ́ ibo lẹ ti rí 47.83? Inú 1960 ni. Ẹni tó dúró ní ìparí 1959 kò tíì rí 1960. Ohun tó lè mọ̀ ni bí èrò ṣe fi kún láti 1958 sí 1959:

```r
k <- mean(y[121:132] - y[109:120])   # 47.33
e3 <- y[t] - (y[t - 12] + k)
mean(abs(e3)); sqrt(mean(e3^2))      # 13.28  16.84
```

Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan, ó sì lè mú kí ẹ rò pé kò sí ohun tó burú nínú fífi ojú wo ọdún tí ẹ ń dán wò. Ọdún yẹn ló bá a ṣe é. Ẹ sún ibi ìdúró sẹ́yìn sí ìparí 1957. Láti 1956 sí 1957, ìbísí jẹ́ 40.17. Ẹ fi í kún, kí ẹ wo 1958: ìbísí gidi ní ọdún náà jẹ́ 12.58 péré. Àsọtẹ́lẹ̀ yín á ga jù ní gbogbo oṣù méjèèjìlá, MAE á jẹ́ 27.58, nígbà tí ẹ ò bá sì fi nǹkan kan kún un, ì bá jẹ́ 12.58. Àtúnṣe tó dára lọ́dún 1960 ba nǹkan jẹ́ lọ́dún 1958.

Nítorí náà, ẹ má fi ọdún kan dájọ́. Ẹ dúró ní ìparí 1957, ti 1958 àti ti 1959, kí ẹ fi ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí wá ìbísí nígbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kó àṣìṣe oṣù 36 jọ. Láìfi kún un, MAE jẹ́ 35.92, RMSE jẹ́ 41.98. Bí ẹ bá fi kún un, MAE jẹ́ 25.20, RMSE jẹ́ 29.26. Àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan, ẹ lè fún ọ̀gá yín ní èyí tí ẹ fi ìbísí kún. Kí ẹ sì fi nọ́ńbà 1958 hàn án pẹ̀lú, kó mọ bó ṣe máa ń rí lọ́dún tí ìbísí bá já lójijì.